Ibi Tí Àyè Aláìlópin ti ń Fìdí Kalẹ̀

Àwọn tó kọ́ ìṣírò dé orí íńtígírà sábà máa ń di ọ̀kan mú nínú èrò méjì nípa íńtígírà tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ àìlópin, kò sì sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Èrò kìíní ni pé bí ìlà kan lórí gíráàfù bá ń lọ láìdúró, àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ohun tí a lè wọ̀n lọ, nítorí pé ohun tí gígùn rẹ̀ kò lópin kò lè ní ìwọ̀n. Èrò kejì kọjú sí ọ̀nà mìíràn: pé níwọ̀n ìgbà tí ìlà náà bá ti ń rẹlẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òdo, àyè abẹ́ rẹ̀ ti ní ìwọ̀n nìyẹn, torí pé ohun tó kù níwájú kò tó nǹkan mọ́. Ẹni tó gba èrò kìíní yóò kọ ìdáhùn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó gba èkejì yóò máa tọ́ka sí ìdáhùn tí kò sí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé gígùn ìlà kọ́ ló ń dá ẹjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni rírẹlẹ̀ rẹ̀ nìkan kò tó láti dá a. Bí ìlà náà ṣe ń yára rẹlẹ̀ tó ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ààlà tó wà láàárín èyí tó yára tó àti èyí tí kò yára tó sì há ju bí ojú ti lè rí i lọ.

Gbígbé ìbéèrè náà kalẹ̀

Íńtígírà tí a kọ́kọ́ máa ń pàdé ní ẹnu méjì: ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ká pè é ní a, àti ibi tí a parí sí, ká pè é ní b. Bí ìlà wa bá wà lókè òdo, ohun tí íńtígírà náà ń sọ fún wa ni ìwọ̀n àyè tó wà láàárín ìlà yẹn àti ìlà ìsàlẹ̀, láti a títí dé b. Bí ẹnì kan bá wá kọ àmì ∞ sí ibi tí b yẹ kó wà, kì í ṣe nọ́ńbà ló fi síbẹ̀. Kò sí ibì kan lórí ìlà ìsàlẹ̀ tí a lè dé ká sọ pé àìlópin rèé, nítorí náà kò sí ohun tí a lè fi rọ́pò b nínú fọ́múlà bí ẹni fi 7 tàbí 700 rọ́pò rẹ̀. Àmì yẹn jẹ́ ìkékúrú fún iṣẹ́ kan tí a gbọ́dọ̀ ṣe: kí a fi b sí ibi tó lópin, kí a ṣírò àyè náà pátá dé b, lẹ́yìn náà kí a wo ibi tí èsì náà ń lọ bí a ti ń sún b síwájú láìdúró. Ibi tó ń lọ yẹn, bó bá wà, la ń pè ní lìmíìtì.

Ẹ jẹ́ ká fi 1/x² ṣe é, kí a bẹ̀rẹ̀ láti 1. Fọ́ńṣọ̀nù tí dẹrífátífù rẹ̀ jẹ́ 1/x² ni −1/x, nítorí náà àyè láti 1 dé b jẹ́ 1 − 1/b. Títí dé ibí yìí, kò sí àìlópin kankan nínú iṣẹ́ wa. Ìṣírò tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni. Bí b bá jẹ́ 10, àyè náà jẹ́ 0.9. Bó bá jẹ́ 100, ó di 0.99, bó bá jẹ́ 1000, ó di 0.999. Ohun tó kù kó tó pé 1 ni 1/b, èyí sì ni ibi tó yẹ kí a tẹjú mọ́. Bí ẹnì kan bá ní òun kò gbà àfi bí ohun tó kù bá kéré sí ìdá kan nínú mílíọ̀nù, a ó ní kó sún b kọjá mílíọ̀nù kan. Bó bá tún ní kó kéré sí ìdá kan nínú bílíọ̀nù, a mọ ibi tí a ó sún b dé. Kò sí bí ohun tó béèrè ti lè kéré tó tí a kò ní rí b tó tó o, tí gbogbo b tó wà níwájú rẹ̀ yóò sì tó o pẹ̀lú. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí la ń sọ pé íńtígírà náà fìdí kalẹ̀ sí 1. Bí kò bá sí iye kankan tí a lè sọ irú rẹ̀ nípa rẹ̀, kò fìdí kalẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fún un ní ìdáhùn.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fo ìgbésẹ̀ b yìí. Wọ́n á kọ 1/∞, wọ́n á pè é ní òdo, wọ́n á sì rí 1 gbà. Wọ́n á ní kí ló dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu nígbà tí èsì kan náà ni. Ìdí ni pé oríire ló gbà wọ́n níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ẹ wo fọ́ńṣọ̀nù 1/x − 1/(x+1), láti 1 lọ sí àìlópin. Ẹni tó bá ti ∞ bọ inú fọ́múlà yóò rí àìlópin tí a yọ kúrò nínú àìlópin, kò sì sí ẹni tó lè sọ iye tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó bá fi b síbẹ̀ yóò rí ln(b/(b+1)) + ln 2. Bí b ti ń tóbi sí i, b/(b+1) ń sún mọ́ 1, ln rẹ̀ sì ń sún mọ́ òdo, tí íńtígírà náà fi fìdí kalẹ̀ sí ln 2, ìyẹn nǹkan bíi 0.693. Ẹni tó fo ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ti sọ ìdáhùn nù.

Àtakò kan wà tó ti pẹ́ gan-an. Ẹnì kan lè sọ pé: ẹ fúnra yín ti gbà pé àyè náà kò ní pé 1 láéláé, b yòówù kí ẹ mú, báwo lẹ ṣe wá sọ pé 1 ni? Irú ìjà báyìí wáyé ní Yúróòpù ní nǹkan bí 380 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1641, Evangelista Torricelli, ará Ítálì, rí i pé bí a bá yí ìlà 1/x ká, tó fi di ohun tó dà bí ìwo tí ìdí rẹ̀ kò lópin, ohun tó lè wà nínú ìwo náà ní ìwọ̀n. Ní ọdún 1644 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìdí rẹ̀ kò ju ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò yìí lọ: bí a bá gé ìwo náà ní x, ojú ibi tí a gé jẹ́ róbótó tí àyè rẹ̀ jẹ́ π/x², bí a bá sì bẹ̀rẹ̀ láti 1, gbogbo rẹ̀ papọ̀ fìdí kalẹ̀ sí π. Ẹnu ya àwọn onímọ̀ ìgbà náà, Thomas Hobbes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sì wà lára àwọn tó kọ̀ jálẹ̀ pé ohun tí kò lópin kò lè ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n béèrè, nítorí pé nígbà yẹn kò tíì sí ẹni tó sọ ní kedere ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ó di ọdún 1823, nínú ìwé ẹ̀kọ́ tí Augustin-Louis Cauchy tẹ̀ jáde fún ilé ẹ̀kọ́ Polytechnique ní Párísì, kí ọ̀nà b àti lìmíìtì tó fìdí múlẹ̀ bí a ti ń lò ó lónìí. Lójú ọ̀nà yìí, a kò sọ pé ẹnì kan rìn dé òpin tó sì rí 1 níbẹ̀. Ohun tí a sọ ni pé 1 nìkan ni iye tí àwọn èsì wa ń sún mọ́ dé ibi tí ẹnikẹ́ni lè béèrè. Gbólóhùn yẹn dá lórí b tó lópin nìkan, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlà méjì tó jọra lójú

Ẹ wá gbé 1/x kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1/x². Àwọn méjèèjì jẹ́ 1 nígbà tí x jẹ́ 1, àwọn méjèèjì ń rẹlẹ̀ láìsinmi, àwọn méjèèjì ló sì ń sún mọ́ òdo. Bí a bá yà wọ́n sórí pépà kan náà, kò sí ohun kan nínú ìrísí wọn tó lè sọ fún wa pé ọ̀kan fìdí kalẹ̀ tí èkejì kò fìdí kalẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù láti rí ìyàtọ̀ wọn ni kí a gé ìlà ìsàlẹ̀ sí ègé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìlọ́po méjì gùn ju èyí tó ṣáájú lọ: láti 1 dé 2, láti 2 dé 4, láti 4 dé 8, láti 8 dé 16, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ 1/x², ègé kìíní ní àyè ½, èkejì ní ¼, ẹ̀kẹta ní ⅛. Bí a ti ń sún síwájú, fífẹ̀ ègé ń di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n gíga ìlà ń di ìdá mẹ́rin ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà àyè ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí a bá ń ro ìdajì mọ́ ìdajì ìdajì báyìí, a kò ní kọjá 1 láéláé.

Lábẹ́ 1/x, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Fífẹ̀ ègé ń di ìlọ́po méjì, gíga ìlà sì ń di ìdajì, ọ̀kan sì ń pa èkejì rẹ́ gẹ́lẹ́. Ègé láti 1 dé 2 ní àyè ln 2, ìyẹn 0.693. Ègé láti 2 dé 4 ní 0.693. Ègé láti mílíọ̀nù kan dé mílíọ̀nù méjì náà ní 0.693, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà náà ti rẹlẹ̀ débi tí ojú kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìlà ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń gba 0.693 lẹ́yìn 0.693 láìdáwọ́ dúró yóò kọjá iyekíye tí a bá dárúkọ. Ohun tó fa àṣìṣe èrò kejì tí mo mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ rèé: ẹni náà ń wo gíga ìlà tó ń kéré, kò ka fífẹ̀ tó ń pọ̀ sí i mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé ohun tó kù níwájú kéré ní gíga, àmọ́ ó pọ̀ ní gígùn, àyè sì ń gba àwọn méjèèjì.

Àtakò tó tún lágbára ju èyí lọ ni ti ẹni tó fi ẹ̀rọ dán an wò. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ro àyè abẹ́ 1/x láti 1 dé mílíọ̀nù kan, ó rí 13.8. Ó sún un dé bílíọ̀nù kan, ó rí 20.7. Ó ní: ẹ wò ó, mo sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, ohun tó fi pọ̀ sí i kò ju 7 lọ, ó ti ń dúró nìyẹn. Kò tíì dúró. Àyè láti 1 dé b jẹ́ ln b, ln sì jẹ́ fọ́ńṣọ̀nù tó ń falẹ̀ lọ́nà tó pọ̀ jọjọ. Kó tó pé 10, b gbọ́dọ̀ dé nǹkan bíi 22,026. Kó tó pé 20, b gbọ́dọ̀ kọjá mílíọ̀nù 485. Kó tó pé 100, b yóò jẹ́ nọ́ńbà tó ní dígíìtì 44, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Síbẹ̀ yóò dé 100, yóò sì kọjá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún fún okùn náà le sí i. Dípò 1/x, ẹ mú 1/x^1.01, tí a kàn fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára orí x. Àyè rẹ̀ láti 1 dé b jẹ́ 100(1 − b^(−0.01)), bí b sì ti ń lọ láìdúró, ó fìdí kalẹ̀ sí 100. Ṣùgbọ́n nígbà tí b bá dé bílíọ̀nù kan, 18.7 péré ló tíì ní. Ẹ fi í wé 20.7 ti 1/x. Bí ẹnì kan bá gbé àwọn nọ́ńbà méjì yìí sí iwájú yín láìsọ ibi tí wọ́n ti wá, ẹ kò ní mọ èwo nínú wọn ló ń lọ sí 100 tí yóò sì dúró níbẹ̀, èwo sì ni kò ní dúró. Kódà kí 1/x^1.01 tó dé 50, tó jẹ́ ìdajì ibi tó ń lọ, b ní láti dé 2^100, èyí tó ní dígíìtì 31. Nítorí náà wíwo nọ́ńbà nìkan kì í ṣe ìdájọ́. Lára agbára orí x la ti ń dájọ́: fún 1/x^p, láti 1 lọ sí àìlópin, bí p bá ju 1 lọ, ó fìdí kalẹ̀ sí 1/(p−1), bí p bá jẹ́ 1 tàbí kó kéré sí i, kò fìdí kalẹ̀. Orí 1 gan-an ni ààlà náà wà, 1 fúnra rẹ̀ sì wà ní apá ibi tí kò fìdí kalẹ̀.

Kílógíráàmù kan tó fẹ́ kúrò láyé

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín p tó jẹ́ 1 àti p tó jẹ́ 2 yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pépà lásán. Òun ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún rọ́kẹ́ẹ̀tì láti kúrò lọ́dọ̀ ilé ayé tí kò sì ní padà wá. Òòfà ilẹ̀ ń dín kù bí a ti ń jìnnà sí ayé, ṣùgbọ́n kì í tán. Bí ó ti wù kí ohun kan jìnnà tó, ayé ṣì ń fà á padà díẹ̀. Ẹni tó bá gba èrò kìíní yóò sọ pé níwọ̀n bí òòfà náà kò ti lópin, agbára tí a nílò láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lópin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti àárín gbùngbùn ayé dé ojú ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 6,371. Ká pè é ní R. Lórí ilẹ̀, òòfà tó ń fa kílógíráàmù kan jẹ́ 9.8 ní òṣùwọ̀n níútìn. Ká pè é ní g. Bí kílógíráàmù náà bá wà ní r sí àárín gbùngbùn ayé, òòfà tó ń fà á jẹ́ gR²/r². Iṣẹ́ tí a ó ṣe láti gbé e láti R dé b ni íńtígírà òòfà yìí, èsì rẹ̀ sì ni gR²(1/R − 1/b).

Bí b bá jẹ́ ìlọ́po méjì R, ìyẹn nígbà tí nǹkan náà bá ti ga tó kìlómítà 6,371 lókè ilẹ̀, iṣẹ́ náà jẹ́ ìdajì gR. Bí b bá jẹ́ ìlọ́po 10 R, ó di ìdá 9 nínú 10. Bó bá di ìlọ́po 100, ìdá 99 nínú 100. Bí b ti ń lọ láìdúró, 1/b ń di òdo, gbogbo iṣẹ́ náà sì fìdí kalẹ̀ sí gR. Ẹ fi 9.8 sọ mítà 6,371,000 di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi júùlù mílíọ̀nù 62.4. Lójú ẹni tó ń ra iná sórí mítà, ìyẹn kò ju yúníìtì 17 àti díẹ̀ lọ: agbára tó wà nínú wọn tó láti gbé kílógíráàmù kan jìnnà sí ayé láìní òpin, bí gbogbo rẹ̀ bá ṣeé lò tí kò sí èyí tó ṣòfò. Bí a bá sì fẹ́ sọ nǹkan náà sókè lẹ́ẹ̀kan, ìdajì iye tí a rí nígbà tí a fi eré rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ gbọ́dọ̀ tó gR. Èyí fún wa ní √(2gR), nǹkan bíi kìlómítà 11.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà olókìkí yìí, tí àwọn ìwé físíìsì ń pè ní eré àjàbọ́ lọ́wọ́ ayé, lìmíìtì íńtígírà kan ni. Kò ka afẹ́fẹ́ tó ń dènà nǹkan náà mọ́ ọn, kò sì ka òòfà oòrùn. Ayé nìkan ló ń bá jà.

Ẹ wá rò ó pé òòfà ń dín kù gẹ́gẹ́ bí 1/r dípò 1/r², kí 9.8 tó wà lórí ilẹ̀ má yí padà. Iṣẹ́ láti R dé b yóò di gR ln(b/R). Èyí kò fìdí kalẹ̀. Òòfà náà yóò ṣì máa sún mọ́ òdo bó ti ń jìnnà, àmọ́ eré tí a bá fi sọ nǹkan sókè, bó ti wù kó pọ̀ tó, yóò tán lọ́jọ́ kan, nǹkan náà yóò sì padà wá. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, kò ní sí eré àjàbọ́ rárá.

Nígbà tí ìṣírò kò bá ṣeé ṣe tààrà

Gbogbo èyí tí a ti ṣe ló ní fọ́múlà fún àyè dé b. Ọ̀pọ̀ íńtígírà kò ní i. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni e^(−x²), ìlà tó dà bí agogo tí àwọn onímọ̀ ìṣirò-iye ń lò lójoojúmọ́. Kò sí àkójọ àwọn fọ́ńṣọ̀nù tí a mọ̀ tó lè kọ àyè rẹ̀ dé b sílẹ̀. Síbẹ̀ a lè mọ̀ bóyá ó fìdí kalẹ̀ láìmọ ibi tó fìdí kalẹ̀ sí. Láti 1 lọ síwájú, x² kò kéré sí x, nítorí náà e^(−x²) kò lè ga ju e^(−x) lọ. Àyè e^(−x) láti 1 lọ rọrùn láti ṣírò: ó fìdí kalẹ̀ sí 1/e, nǹkan bíi 0.37. Àyè ti e^(−x²) ń pọ̀ sí i bí b ti ń lọ síwájú, torí ìlà náà wà lókè òdo, ṣùgbọ́n kò lè kọjá 0.37. Ohun tó ń pọ̀ sí i tí òrùlé sì wà lórí rẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò lọ ju kó fìdí kalẹ̀. Láti òdo dé 1, àyè náà lópin láìsí àríyànjiyàn. Ọ̀nà mìíràn ni a fi mọ̀ pé gbogbo rẹ̀, láti apá òsì dé apá ọ̀tún, jẹ́ √π.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà nínú ìfiwéra yìí ni pé wọ́n máa ń fi í sí ọ̀nà òdì. Kí ìlà kan wà lábẹ́ ìlà tó fìdí kalẹ̀, ẹ̀rí ni. Kí ó wà lókè ìlà tí kò fìdí kalẹ̀, ẹ̀rí ni pé òun náà kò fìdí kalẹ̀. Àmọ́ kí ó wà lábẹ́ ìlà tí kò fìdí kalẹ̀, ẹ̀rí kankan kò sí níbẹ̀. 1/(x+5) wà lábẹ́ 1/x, 1/x² náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan fìdí kalẹ̀, èkejì kò fìdí kalẹ̀. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ó sàn kí a pín ọ̀kan fún èkejì kí a sì wo ibi tí èsì ń lọ. 1/(x+5) tí a pín fún 1/x ń lọ sí 1, ìyẹn ni pé níwájú lọ́hùn-ún wọ́n ti di ọ̀kan náà, àyànmọ́ kan náà ni wọ́n sì ní.

Gbogbo ìfiwéra yìí wà fún ìlà tí kì í lọ sísàlẹ̀ òdo. Bí ìlà bá ń lọ sókè sódò bíi sin x, a lè rí ohun mìíràn tí kì í ṣe pé àyè náà ń pọ̀ kọjá ààlà. Àyè sin x láti òdo dé b jẹ́ 1 − cos b. Kò kọjá 2, kò sì rẹlẹ̀ ju òdo lọ, ṣùgbọ́n ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn títí ayé. Kò fìdí kalẹ̀. Níní òrùlé àti ilẹ̀ kò tó bí ẹsẹ̀ kò bá dúró sójú kan. Mo sì fẹ́ fi kún un pé rírẹlẹ̀ sí òdo, tí a ti rí pé kò tó, kò tilẹ̀ pọn dandan. Ẹ ronú nípa ìlà tó wà lórí òdo níbi gbogbo, àfi ní 1, 2, 3 àti síwájú, níbi tó ti gbé òpó kan dìde tó ga tó 1, tí fífẹ̀ òpó kìíní jẹ́ ½, ti èkejì ¼, ti ẹ̀kẹta ⅛. Àwọn òpó náà kì í kúrú sí i rárá, síbẹ̀ àyè gbogbo wọn papọ̀ jẹ́ 1.

Apá òsì àti apá ọ̀tún

Bí ẹnu méjèèjì bá jẹ́ àìlópin, láti −∞ dé ∞, a gbọ́dọ̀ gé íńtígírà náà sí méjì níbi kan, ká ní ní òdo, kí a sì bi apá kọ̀ọ̀kan léèrè lọ́tọ̀ bóyá ó fìdí kalẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fìdí kalẹ̀ kí a tó lè sọ pé odidi rẹ̀ fìdí kalẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ ṣe ni kí wọ́n fi b kan náà sí apá méjèèjì, láti −b dé b, kí òsì lè pa ọ̀tún rẹ́. Wọ́n á ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ó dọ́gba. Ohun tó burú ni pé kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí apá méjèèjì máa rìn ní ìwọ̀n kan náà, bí ìdáhùn bá sì ń yí padà torí bí a ti rìn, kì í ṣe ìlà yẹn ni a wọ̀n mọ́, ìrìn wa ni.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Fìtílà kan wà ní mítà 1 sí ògiri kan tó gùn láìlópin, ó sì ń tan ìtànṣán kan sí ògiri náà ní igun tó bá ṣáà ti bọ́ sí, tí kò sí igun tó ní ojúrere ju òmíràn lọ. Ká pe ibi tó kọjú sí fìtílà gan-an ní òdo, kí x sì jẹ́ ibi tí ìtànṣán ti ba ògiri. Bí ìtànṣán ṣe lè ba x tó jẹ́ 1/(π(1+x²)), ìlà tí a fi orúkọ Cauchy kan náà pè. Íńtígírà rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún fìdí kalẹ̀ sí 1 láìsí wàhálà, nítorí pé níwájú ó ń rẹlẹ̀ bíi 1/x². Ìdajì àwọn ìtànṣán ló ń bọ́ sí àárín mítà 1 ní òsì àti mítà 1 ní ọ̀tún. Nǹkan bíi 6 nínú ẹgbẹ̀rún ló ń jìnnà ju mítà 100 lọ.

Níbo wá ni àròpín ibi tí wọ́n ń bà wà? Ojú á sọ pé òdo ni, torí òsì àti ọ̀tún bára mu. Ṣùgbọ́n láti rí àròpín, a gbọ́dọ̀ fi x sọ ìlà náà di púpọ̀ kí a tó ṣe íńtígírà, x/(1+x²) sì ń rẹlẹ̀ bíi 1/x níwájú. Apá ọ̀tún nìkan kò fìdí kalẹ̀, apá òsì náà kò fìdí kalẹ̀. Bí a bá rìn láti −b dé b, a ó rí òdo. Bí a bá rìn láti −b dé 2b, a ó rí ln 4 tí a pín fún 2π, nǹkan bíi 0.22, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 22 sí ọ̀tún. Ìtànṣán kan náà, ògiri kan náà, àròpín méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn, nítorí pé kò sí àròpín kankan níbẹ̀.

Èyí sì ń hàn sí ẹni tó bá ń kó nọ́ńbà jọ láti ibi irú fìtílà yìí. Níbi tí àròpín bá wà, bí a bá ṣe ń wọ̀n sí i ni àròpín ohun tí a wọ̀n ń fìdí kalẹ̀. Níhìn-ín, bí a bá wọ̀n ọ́n ní ìgbà ẹgbẹ̀rún tí a sì mú àròpín wọn, ibi tí àròpín náà lè bọ́ sí fẹ̀ tó ibi tí ìtànṣán kan ṣoṣo lè bọ́ sí. Ó lè dà bíi pé ó ti dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kí ìtànṣán kan tó jìnnà réré sì gbé gbogbo rẹ̀ kúrò nípò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá rí i pé àròpín òun ń fò káàkiri báyìí kò nílò láti wọ̀n sí i. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó to àwọn nọ́ńbà rẹ̀ láti kékeré dé ńlá kí ó sì mú èyí tó wà láàárín gbùngbùn wọn, torí pé ìyẹn dá lórí íńtígírà 1/(π(1+x²)) fúnra rẹ̀, èyí tó fìdí kalẹ̀.